Ṣé kí n fi póíǹtì ọkọ̀ ojú irin gba tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ mi, àbí kí n san owó?

Bàbá_Tólú_Bódìjà

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń rò láti ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà, ẹlòmíràn sì ti gbé ibẹ̀ rí. Ní ọdún tí mo lọ ṣe ìwádìí ní Bọ́tímọ̀, iṣẹ́ máa ń gbé mi lọ sí Filadẹ́fíà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọkọ̀ ojú irin Amtrak ni mo sì máa ń wọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni mo forúkọ sílẹ̀ fún Guest Rewards wọn, ètò tí wọ́n fi ń fún arìnrìn-àjò ní póíǹtì tí ó lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì. Fún ọ̀sẹ̀ 30, àlọ àti àbọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 38, wọ́n sì ń fún mi ní póíǹtì 2 lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fi máa padà sí Ìbàdàn, póíǹtì 4,560 ló wà nínú àkáǹtì mi. Oṣù 19 ti kọjá báyìí, mi ò sì tíì fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn.

Tólú ọmọ mi, ẹni ọdún 20, ń kàwé ní Bọ́tímọ̀. Ó fẹ́ lọ sí Niú Yọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀mejì kí ọdún yìí tó parí: ìgbà kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹwàá, ìgbà kejì ní ọjọ́rú tó ṣáájú ọdún Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, nígbà tí gbogbo ènìyàn máa ń rìn. Ti oṣù Kẹwàá, dọ́là 29 ni wọ́n kọ síbẹ̀, tàbí póíǹtì 1,450. Ti ọdún Ìdúpẹ́, dọ́là 98, tàbí póíǹtì 3,920. Póíǹtì mi kò tó fún méjèèjì. Èwo ni kí n fi póíǹtì gbà, èwo ni kí n sanwó rẹ̀, àbí kí n tilẹ̀ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ títí èmi fúnra mi yóò tún fi lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Àdùkẹ́_Mọníyà

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Inú mi dùn pé ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá, nítorí pé láti Mọníyà ni mo ti máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, n kò sì tíì gba póíǹtì kankan rí. Níbo ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀? Ṣé ní ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ni, àbí orí ẹ̀rọ ayélujára? Ṣé àwọn ìrìn-àjò tí mo ti rìn láti ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí i yóò wọ inú rẹ̀?

Ìyá_Olùṣírò_Àpáta

Àdùkẹ́, ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni Bàbá Tólú ń sọ o, kì í ṣe ti Mọníyà. Póíǹtì ilé iṣẹ́ yẹn kò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì Mọníyà sí Alágomẹ́jì, tíkẹ́ẹ̀tì ti ibí náà kò sì lè wọ àkáǹtì wọn. Tọ́jú àwọn tíkẹ́ẹ̀tì rẹ fún ìṣírò owó tìrẹ, ọ̀rọ̀ tiwa nìyẹn.

Bàbá Tólú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe máa ń ṣe é, torí pé ọdún méje ni mo fi gbé Filadẹ́fíà tí mo sì ń wọ ọkọ̀ wọn lọ síbi iṣẹ́. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni mo ń lò: iye owó tí póíǹtì kan gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ pín owó tíkẹ́ẹ̀tì sí iye póíǹtì tí wọ́n ń bèèrè. Ti oṣù Kẹwàá, dọ́là 29 pín sí póíǹtì 1,450, sẹ́ǹtì 2 ló ń bọ̀ sórí póíǹtì kọ̀ọ̀kan. Ti ọdún Ìdúpẹ́, dọ́là 98 pín sí 3,920, sẹ́ǹtì 2.5 ni. Lójú ẹsẹ̀, ti ọdún Ìdúpẹ́ ló ń san póíǹtì yín lówó jù.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Iye méjèèjì yẹn ni iye tí wọ́n kọ sójú ìwé, kì í ṣe iye tí Tólú yóò san. Mo fẹ́ bi yín ní ohun méjì kí n tó tẹ̀ síwájú: ṣé ẹ wo owó náà pẹ̀lú ẹ̀dínwó akẹ́kọ̀ọ́? Tí póíǹtì kò bá sí rárá, ṣé ọkọ̀ ojú irin náà ni Tólú ì bá wọ̀ ní ọjọ́rú yẹn?

Àgbà_Òkè-Àdó

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀. Ní ọdún 2013 mo wà lọ́dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ní Amẹ́ríkà, àwa náà sì lo póíǹtì yìí dáadáa. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé iye póíǹtì fún agbègbè kan kì í yí padà: yálà tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ dọ́là 40 tàbí dọ́là 140, iye póíǹtì kan náà ni wọn yóò gbà. Nítorí náà ọjọ́ tí owó bá wọ́n jù ni a máa ń fi póíǹtì lọ, ọjọ́ tó bá pọ́ọ́kú ni a máa ń sanwó. Àwọn ọjọ́ ọdún kan sì wà tí wọn kì í gba póíǹtì rárá, mo sì gbà pé ọjọ́rú tí Bàbá Tólú ń sọ yìí wà lára wọn. Kí ó má bàa jẹ́ pé ọmọ yóò dé ibùdókọ̀ kí wọ́n dá a padà.

Ìyá_Olùṣírò_Àpáta

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an ló rí nígbà náà, àwa tí a mọ̀ ọ́n lò sì jẹ àǹfààní rẹ̀. Àmọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2016 ni wọ́n yí ètò náà padà. Láti ìgbà yẹn, iye póíǹtì ń tẹ̀lé iye owó: bí tíkẹ́ẹ̀tì bá wọ́n, póíǹtì náà yóò pọ̀ sí i. Ọjọ́ èèwọ̀ tí ẹ ń wí sì lọ pẹ̀lú ètò àtijọ́. Tí iye póíǹtì bá ti hàn lójú ìwé fún ọjọ́rú náà, bí Bàbá Tólú ṣe rí i yìí, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ń tà á.

Ohun tó ṣẹ́ kù nínú ọgbọ́n àtijọ́ yẹn, sà, kò ju pé owó àti póíǹtì kì í rìn ní ẹsẹ̀ kan náà lójoojúmọ́. Ẹ wò ó nínú ohun tí Bàbá Tólú kọ: sẹ́ǹtì 2 lọ́jọ́ kan, 2.5 lọ́jọ́ kejì. Àlàfo yẹn la ń wá. Kò tóbi bíi ti ọdún 2013 mọ́, nítorí náà ohun kékeré lè jẹ ẹ́ tán, ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè nípa ẹ̀dínwó.

Àgbà_Òkè-Àdó

Ó yé mi báyìí. Wọ́n ti bà á jẹ́ nìyẹn. Mo dúpẹ́, ìyá.

Bàbá_Tólú_Bódìjà

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun, Ìyá Olùṣírò. N kò rò ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀dínwó rárá. Dọ́là 98 tí mo kọ yẹn, ti àgbàlagbà tí kò ní ẹ̀dínwó ni. Ní ti ìbéèrè kejì, mo pe Tólú lórí fóònù lálẹ́ àná. Ó ní ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wọ̀, dọ́là 45 ni ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ pé n kò fẹ́ kó wọ bọ́ọ̀sì lójú pópó alẹ́ nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọjọ́ ọdún. Nítorí náà, tí kò bá sí póíǹtì, èmi ì bá fi owó ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́.

Ìyá_Olùṣírò_Àpáta

Ó dára gan-an pé ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tan ara wọn jẹ. Tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ni Tólú ì bá wọ̀ lóòótọ́, dọ́là 45 ni póíǹtì 3,920 yóò gbà là, kì í ṣe 98, sẹ́ǹtì kan àti díẹ̀ péré ni yóò sì bọ́ sórí póíǹtì kọ̀ọ̀kan. Ìtura yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò lè pe ìtura ní owó tí ẹ pa mọ́. Ní tiyín, ẹ ti pinnu pé ọkọ̀ ojú irin ni, nítorí náà owó ọkọ̀ ojú irin ni a ó fi ṣe ìṣírò.

Ó wá ku ẹ̀dínwó. Amtrak ń dín ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kù fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà láàárín ọdún 17 sí 24. Tólú bọ́ sí i. Bí ojú ìwé bá gbà á fún ọkọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ mú, dọ́là 98 yóò di dọ́là 83 àti sẹ́ǹtì 30. Ẹ pín ìyẹn sí 3,920: sẹ́ǹtì 2.1 ló kù, kì í ṣe 2.5 mọ́.

Ohun kan tún wà tí kì í hàn lójú ìwé. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi póíǹtì gbà kì í bí póíǹtì, èyí tí ẹ sanwó rẹ̀ ló ń bí i. Bí Tólú bá san dọ́là 83.30, yóò gba póíǹtì 166 sínú àkáǹtì tirẹ̀. Bí ẹ bá fi póíǹtì lọ, ẹ ti fún wọn ní 3,920, ẹ sì tún ti pàdánù 166 tí ì bá wọlé. Lójú tèmi, póíǹtì 4,086 ni tíkẹ́ẹ̀tì náà jẹ yín. Dọ́là 83.30 pín sí 4,086, sẹ́ǹtì 2 àti ìdá díẹ̀ ni.

Ẹ fi ọ̀nà kan náà wo ti oṣù Kẹwàá. Dọ́là 29 pẹ̀lú ẹ̀dínwó yóò di 24.65. Póíǹtì 1,450 pẹ̀lú 49 tí ẹ kò ní gbà jẹ́ 1,499. Ó bọ́ sí nǹkan bíi sẹ́ǹtì 1.6. Ọjọ́rú ọdún Ìdúpẹ́ ṣì borí, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé sẹ́ǹtì 2.5 tí ó ń dán lójú ti di 2.

Káyọ̀dé_Ìdí-Àpẹ

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Olùṣírò, ẹ kú làákàyè mà. Èmi ní ìmọ̀ràn mìíràn. Mo rí i pé ilé iṣẹ́ náà ń ta póíǹtì fún ẹni tó bá fẹ́ rà. Kí ló dé tí Bàbá Tólú kò fi ra èyí tó kù kí ó sì fi póíǹtì gba àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Póíǹtì sáà ni póíǹtì, tí iye rẹ̀ bá sì jẹ́ sẹ́ǹtì 2.5 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, rírà á yóò ṣe é lóore.

Ìyá_Olùṣírò_Àpáta

Káyọ̀dé, ìbéèrè rẹ dára, ṣùgbọ́n orí ìwọ̀n tí a kò tíì yọ ẹ̀dínwó kúrò nínú rẹ̀ ni o gbé e lé. Pín owó tí wọ́n ń ta ẹgbẹ̀rún kan sí ẹgbẹ̀rún, kí o wá fi sẹ́ǹtì tó bá jáde wé sẹ́ǹtì 2 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò fún Tólú, kì í ṣe 2.5. Gbogbo ìgbà tí èmi ti wò ó, iye títà máa ń ga ju iye tí mo lè rí gbà padà lọ. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rà á ni ọdún tí ó ku póíǹtì 210 kí n tó lè gba tíkẹ́ẹ̀tì kan tó wọ́n gan-an, mo sì rà á torí pé àìní 210 yẹn ni yóò mú kí n má lè lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó kù. Láti ra póíǹtì kí a lè fi rìn gbogbo ọ̀nà, owó la fi ń ra owó, ó sì ń gbọ̀n dànù lójú ọ̀nà.

Fúnmi_Agodi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ tèmi, nítorí pé ó dùn mí títí di òní. Ọmọkùnrin mi wà ní ìlú kan náà. Èmi ni mo ń ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti Ìbàdàn pẹ̀lú káàdì mi, mo sì ń wọlé sórí àkáǹtì mi kí n tó rà á, torí mo rò pé ẹni tó bá sanwó ni póíǹtì yóò bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ìrìn-àjò mẹ́rìnlá ni ó rìn. Nígbà tí mo wo àkáǹtì mi, òfo ni. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní ẹni tó rin ìrìn-àjò ni wọ́n ń fún ní póíǹtì, nọ́ḿbà ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ mi kò tilẹ̀ ní nọ́ḿbà. Ìgbà tí ó fi forúkọ sílẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ìrìn-àjò náà ti pẹ́ jù láti béèrè.

Nítorí náà, Bàbá Tólú, ẹ jẹ́ kí Tólú ṣí àkáǹtì tirẹ̀ lónìí, kí ó sì ri i pé bí ó ṣe kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ bá ti ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ mu. Ọmọ mi kọ orúkọ oyè ilé wa sí iwájú nínú ọ̀kan, ó kọ ọ́ sẹ́yìn nínú èkejì, ìyẹn náà fa ìdádúró.

Bàbá_Tólú_Bódìjà

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá, ìyẹn dunni lóòótọ́. Mo ti sọ fún un, ó sì ti ṣí i. Ìbéèrè mi wá ni pé: ṣé èmi tí póíǹtì jẹ́ tèmi lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì lórúkọ Tólú, tí n kò bá sí nínú ọkọ̀ náà?

Fúnmi_Agodi

Bẹ́ẹ̀ ni o. Ìyẹn ni wọ́n gbà. Póíǹtì kò lè bọ́ sọ́wọ́ yín nítorí ìrìn-àjò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè fi póíǹtì yín ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ẹ kàn má ṣe tà á fún ẹnikẹ́ni, torí wọ́n lè ti àkáǹtì pa nítorí ìyẹn.

Ìyá_Olùṣírò_Àpáta

Òótọ́ ni Ìyá Fúnmi sọ. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ kọ BAL fún ibi tí ó ti ń gbéra àti NYP fún ibi tí ó ń lọ, ẹ mú `Use Points` kí ẹ tó wá ọkọ̀, kí ẹ sì fi orúkọ Tólú sí ibi tí wọ́n ti béèrè arìnrìn-àjò. Ẹ ṣí ojú ìwé kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹ kò mú un, tí ẹ yan akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, kí ẹ lè rí iye méjèèjì fún ọkọ̀ kan náà ní wákàtí kan náà. Ẹ ṣọ́ra kí ó má jẹ́ pé Northeast Regional lẹ wò ní ojú ìwé kan, tí ẹ wo Acela ní èkejì. Acela yára jù, ó sì wọ́n jù. Mo ti rí ẹni tó fi owó Acela ṣe ìwọ̀n póíǹtì Regional tó sì ń yọ̀ pé òun jèrè.

Ohun kejì tí ó gbọ́dọ̀ dọ́gba ni ẹ̀tọ́ láti fagi lé e. Tíkẹ́ẹ̀tì owó tó pọ́ọ́kú jù máa ń ní ìyọkúrò bí ènìyàn bá yí ọkàn padà, èyí tó wọ́n kì í ní. Tíkẹ́ẹ̀tì póíǹtì náà ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ méjèèjì kí ẹ tó tẹ ìparí. Bí kò bá dá Tólú lójú pé yóò lọ, ìyàtọ̀ yẹn lè ju gbogbo sẹ́ǹtì tí a ń kà yìí lọ.

Àdùkẹ́_Mọníyà

Mà, ẹ má bínú sí àìgbọ́ye mi àkọ́kọ́. Ó ti ń yé mi, mo sì ní ìbéèrè kan. Gbogbo ìṣírò yìí, dọ́là ni ẹ fi ṣe é. Bàbá Tólú ń gba náírà. Dọ́là tí yóò fi ránṣẹ́, báńkì yóò tà á fún un ní iye tiwọn, wọn yóò tún gba owó ìfiránṣẹ́. Ṣé kò yẹ kí póíǹtì níye lórí lọ́wọ́ ẹni tó wà ní Ìbàdàn ju lọ́wọ́ ẹni tó ń gbowó ní dọ́là lọ?

Ìyá_Olùṣírò_Àpáta

Àdùkẹ́, o ti bá a débi tí ó le gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni, ó níye lórí jù lọ́wọ́ wa. Ká ní báńkì àti owó ìfiránṣẹ́ fi ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún kún dọ́là kọ̀ọ̀kan, dọ́là 83.30 yóò ti gba náírà tó tó dọ́là 88 lọ́wọ́ Bàbá Tólú. Sẹ́ǹtì 2.04 yóò sún dé bíi 2.16.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí ìyẹn ti ṣiṣẹ́ àti ibi tí kò ti ṣiṣẹ́. Ìdá 6 kan náà ni yóò kún owó oṣù Kẹwàá, nítorí náà kò yí èsì padà nípa ìrìn-àjò tí ó yẹ kí ẹ fi póíǹtì lọ. Ọjọ́rú ló ṣì borí. Ohun tí náírà ń yí padà ni ìbéèrè kẹta tí Bàbá Tólú béèrè, ìyẹn bóyá kí ó lo póíǹtì báyìí tàbí kí ó fi pamọ́. Ẹni tí ó gbọ́dọ̀ wá dọ́là kí ọmọ rẹ̀ tó rìn ní ìdí tó lágbára láti lò ó lónìí.

Àgbà_Òkè-Àdó

Níbẹ̀ ni n kò ti bá yín lọ pátápátá, ìyá. Bàbá Tólú ti ní òun lè tún lọ. Tí ó bá lọ lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ lọ láti Bọ́tímọ̀ sí Bọ́sítìnì, ọ̀nà jíjìn nìyẹn, póíǹtì 4,560 yẹn sì lè ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà náà. Ohun tí ènìyàn fi pamọ́ ni ó ń rí mú jáde lọ́jọ́ àìní.

Ìyá_Olùṣírò_Àpáta

Mo gbọ́ yín, sà, n kò sì lè sọ pé irọ́ ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé póíǹtì kì í bí èlé, ilé iṣẹ́ náà sì lè gbé iye tí wọ́n ń bèèrè sókè nígbàkúùgbà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe rí i lẹ́yìn 2013. Èyí tó tún burú jù: bí ohunkóhun kò bá wọlé sórí àkáǹtì tàbí jáde lórí rẹ̀ fún oṣù 24, wọ́n lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bàbá Tólú ti lo oṣù 19. Oṣù 5 ló kù. Bí ìrìn-àjò ọdún tó ń bọ̀ bá sún síwájú díẹ̀ nítorí físà tàbí nítorí iṣẹ́, kò ní sí ohun tí yóò mú jáde.

Àgbà_Òkè-Àdó

Ẹni tó ní físà lọ́wọ́ ńkọ́? Èmi ṣì rò pé ó yẹ kí ó ronú sí i.

Bàbá_Tólú_Bódìjà

Bàbá, físà mi ti parí, n kò sì tíì béèrè tuntun. Oṣù 5 yẹn ni ó dẹ́rù bà mí jù. N kò mọ̀ pé ó lè pa rẹ́. Mo wọ inú àkáǹtì lẹ́yìn tí mo ka èyí, mo sì rí ọjọ́ náà tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere, mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti ọjọ́ yìí wá.

Fúnmi_Agodi

Ẹ jọ̀ọ́, kí Bàbá Tólú tó pinnu, mo fẹ́ fi kún un pé kí Tólú má ṣe gbé póíǹtì lé ìrìn-àjò Wáṣíńtọ́nì. Ọmọ mi ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láàárín Bọ́tímọ̀ àti Wáṣíńtọ́nì, ọkọ̀ ojú irin MARC wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ̀, ibùdókọ̀ kan náà ni ó ti ń gbéra, ó sì pọ́ọ́kú gan-an. MARC kì í fúnni ní póíǹtì Amtrak lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré débi pé èyí tí ẹ ó pàdánù kò tó nǹkan. Ìṣòro rẹ̀ kò ju pé ọkọ̀ rẹ̀ kéré ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ìyá_Olùṣírò_Àpáta

Ìmọ̀ràn tó dára nìyẹn. Ohun tí a sọ nípa bọ́ọ̀sì náà ni: ohun tí ẹ ì bá san lóòótọ́ ni ìwọ̀n, bí ó bá sì ti jẹ́ MARC, póíǹtì kò ní ohun tó pọ̀ láti gbà là níbẹ̀.

Bàbá_Tólú_Bódìjà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo padà wá jábọ̀ ohun tí mo ṣe. Nígbà tí mo fi jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́rú ti gòkè: dọ́là 104, tàbí póíǹtì 4,180. Àyà mi já, mo sì fẹ́ fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo tún ìṣírò náà ṣe bí Ìyá Olùṣírò ṣe kọ́ wa. Ẹ̀dínwó akẹ́kọ̀ọ́ jáde lójú ìwé kejì, ó sọ dọ́là 104 di 88.40. Póíǹtì 4,180 pẹ̀lú 176 tí Tólú kò ní gbà jẹ́ 4,356. Sẹ́ǹtì 2.03 ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá, nítorí pé owó àti póíǹtì jọ gòkè pọ̀. Mo fi póíǹtì gbà á lórúkọ Tólú. Póíǹtì 380 ló kù.

Ti oṣù Kẹwàá, mo fi owó ránṣẹ́. Tólú rà á fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dínwó, dọ́là 24.65, nọ́ḿbà tirẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ mo tún wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú àkáǹtì mi, ó ti sún síwájú.

Àbọ̀ ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ọdún Ìdúpẹ́ ni mi ò tíì rà. Dọ́là 112 ni wọ́n kọ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, 95.20 pẹ̀lú ẹ̀dínwó, mo sì ń rò ó bóyá yóò wá sílẹ̀.

Ìyá_Olùṣírò_Àpáta

Ẹ kú oríire, Bàbá Tólú. Ọjọ́ Àìkú yẹn kì í sábà wá sílẹ̀ o, ó máa ń gòkè bí àga ṣe ń tán ni. Ẹ wo àbọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ tó ń gbéra láàárọ̀ kùtùkùtù, bí kíláàsì Tólú bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ òní.

Bàbá_Tólú_Bódìjà

Aago 11 ni kíláàsì rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mò ń wo ọkọ̀ aago 6 àárọ̀ báyìí: dọ́là 54, ó di 45.90 pẹ̀lú ẹ̀dínwó. Mo ti kọ ọ́ sí Tólú, mò ń dúró de èsì rẹ̀.